Tẹ̀lé Kílórínì: Bá A Ṣe Ń Fi Nọ́ńbà Ọksídéṣọ̀n Mọ Èwo Ló Pàdánù, Èwo Ló Gbà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ SS2 àti SS3, ẹ̀yin tíṣà wa, àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ tẹ̀lé àwọn ọmọ yín wá. Ìgò háípò kan ni mo gbé sórí tábìlì yìí, háípò tá a fi ń fọ aṣọ funfun nílé, òun náà la sì máa fi ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ òní. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni NaClO tí wọ́n tú sínú omi. Mo mú un torí pé kílórínì tó wà nínú ẹ̀ kì í dúró sójú kan, tẹ́ ẹ bá tẹ̀lé e láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe háípò yẹn títí dìgbà tó máa bàjẹ́ tàbí tẹ́nì kan máa da ásíìdì sí i, ẹ máa bá kílórínì pàdé ní -1, ní 0, ní +1, kódà ní +5, gbogbo ibi táwọn sítúdẹ́ǹtì ti máa ń ṣìnà nínú rídọ́ksì ló sì wà lójú ọ̀nà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ọksídéṣọ̀n ni kí átọ́ọ̀mù pàdánù ẹlẹ́kítírọ́nì, rídọ́kṣọ̀n ni kó gba ẹlẹ́kítírọ́nì, méjèèjì pa pọ̀ la sì ń pè ní rídọ́ksì. Láyé àtijọ́, tí wọ́n bá ní nǹkan ti ọ́ksídáìsì, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọ́síjìn wọ inú ẹ̀, ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ fún irin tó ń dípẹtà, ṣùgbọ́n tá a bá dé orí kílórínì ẹ máa rí ríákṣọ̀n tí ọ́síjìn inú ẹ̀ kò ṣe nǹkan kan rárá, tó jẹ́ pé kílórínì àti kílórínì ló ń bára wọn fà á. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹlẹ́kítírọ́nì la máa ń tẹ̀lé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò lè fojú rí ẹlẹ́kítírọ́nì tó ń kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, pàápàá nínú kọ̀ḿpáùndì tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n jọ ń pín in lò. Nọ́ńbà ọksídéṣọ̀n wá dà bí ìwé tí alájọ máa ń kọ: owó lè máà sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lójú ẹsẹ̀ yẹn, àmọ́ ìwé máa sọ ti ta ni ó jẹ́, ohun tí wọ́n bá sì yọ lábẹ́ orúkọ ẹnì kan gbọ́dọ̀ hàn lábẹ́ orúkọ ẹlòmíì. Ẹ má gbàgbé pé ìwé lásán ni o. Tá a bá ní mángànísì inú KMnO4 jẹ́ +7, kì í ṣe pé mángànísì kan wà níbẹ̀ tó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́nì méje pátápátá, ohun tá a ń sọ ni pé tá a bá fún ọ́síjìn ní gbogbo ẹlẹ́kítírọ́nì tí òun àti mángànísì jọ so pọ̀, +7 ló máa ṣẹ́ kù sórí mángànísì.

Báwo la ṣe wá ń kọ ìwé yẹn? Òfin kan ló wà ní ìdí gbogbo òfin tí wọ́n fi ń há àwọn ọmọ lórí: níbi tí átọ́ọ̀mù méjì bá ti so pọ̀, èyí tó lágbára jù láti fa ẹlẹ́kítírọ́nì la máa ka gbogbo ẹ̀ sí lọ́rùn, tó bá sì jẹ́ pé irú kan náà làwọn méjèèjì, ká pín in sí ọgbọọgba. Fúlórínì ló lágbára jù nínú gbogbo ẹ́límẹ́ǹtì, ọ́síjìn tẹ̀ lé e, kílórínì wá tẹ̀ lé ọ́síjìn. Lórí ìwọ̀n Pauling, fúlórínì jẹ́ 3.98, ọ́síjìn 3.44, kílórínì 3.16. Ẹ fi tọkàntọkàn wo ọ́síjìn àti kílórínì yẹn, torí àárín àwọn méjèèjì yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú.

Tẹ́ ẹ bá ti mú òfin yẹn, ìyókù á kàn máa ya jáde fúnra ẹ̀ ni. Ẹ́límẹ́ǹtì tó dá wà, bíi Cl2 tàbí Fe tàbí O2, 0 ni, torí kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tó jẹ́ átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, nọ́ńbà ẹ̀ ni iná, ìyẹn chájì, tó wà lórí ẹ̀. Sódíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù inú kọ̀ḿpáùndì, +1 ni. Fúlórínì inú kọ̀ḿpáùndì, -1 ni, kò ní ìgbà kankan tó máa yàtọ̀, torí kò sẹ́ni tó lè gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Háídírójìn sábà máa ń jẹ́ +1, àfi tó bá wà pẹ̀lú mẹ́tàlì bíi NaH, ibẹ̀ ló ti ń di -1. Ọ́síjìn sábà máa ń jẹ́ -2, àfi nínú irú H2O2 níbi tí ọ́síjìn méjì ti so mọ́ra wọn tí wọ́n wá pín ti àárín wọn dọ́gba, tó fi jẹ́ -1 -1, àti nínú OF2 níbi tí fúlórínì ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ tó fi di +2. Lẹ́yìn náà, tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 0 fún kọ̀ḿpáùndì, kó sì jẹ́ iye iná orí áyọ́ọ̀nù tó bá jẹ́ áyọ́ọ̀nù.

Ó yá, NaClO. Èmi máa ń rí i tí ọmọ máa sáré kọ kílórínì sí -1 torí pé inú NaCl ló ti kọ́kọ́ mọ kílórínì, ó sì ti wọ̀ ọ́ lára pé -1 ni kílórínì. Ẹ jẹ́ ká bá a rò ó: sódíọ̀mù +1, kílórínì -1, ọ́síjìn -2, ẹ rò ó pọ̀, -2 ló fún wa. Ṣùgbọ́n NaClO kò ní iná lórí, 0 ló yẹ kó jẹ́. Irú òǹkà tí kò bára mu yìí ló ń sọ fún yín pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ fún ní ohun tí kì í ṣe tiẹ̀. Ta ni? Sódíọ̀mù kò lè yí padà. Ọ́síjìn lágbára ju kílórínì lọ, òun ló máa mú tiẹ̀ kọ́kọ́, -2. Ó di dandan kí kílórínì gba ohun tó ṣẹ́ kù: +1 pẹ̀lú nǹkan kan pẹ̀lú -2 jẹ́ 0, nǹkan yẹn ni +1. Kílórínì inú háípò, +1 ni. Kílórínì kì í fẹ́ wà ní +1 rárá, ó ń wá ẹlẹ́kítírọ́nì kiri, ibi tó bá ti rí i ló ti máa gbà á, tí àbàwọ́n bá sì wà lára aṣọ, ara àbàwọ́n yẹn ló ti máa gbà á, ìdí nìyẹn tí háípò fi ń fọ aṣọ mọ́.

Ẹ bá mi ṣe NaClO3 náà kíákíá. Sódíọ̀mù +1, ọ́síjìn mẹ́ta, -2 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ -6, kílórínì gbọ́dọ̀ jẹ́ +5. Àwọn kan á sọ pé ọ́síjìn ibẹ̀ jẹ́ -6. Rárá o. Ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan ni -2, àròpọ̀ wọn ni -6. Nọ́ńbà ọksídéṣọ̀n jẹ́ ti átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, ẹ máa kọ ọ́ sórí átọ́ọ̀mù kan, kẹ́ ẹ wá kọ àròpọ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: iná orí áyọ́ọ̀nù, nọ́ńbà ló máa ń ṣáájú kí àmì tó tẹ̀ lé e, bíi 2-, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọksídéṣọ̀n, àmì ló máa ń ṣáájú, -2. Àwọn tó ń máàkì wáẹ̀kì máa ń wo ìyẹn.

Ní báyìí ká wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe háípò yìí. Gáàsì kílórínì ni wọ́n máa ń fẹ́ sínú sódíọ̀mù háídírọ́sáìdì tó tutù, tí wọ́n ti fomi là:

```
Cl2 + 2NaOH → NaCl + NaClO + H2O
```

Iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sórí gbogbo átọ́ọ̀mù lápá òsì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí gbogbo átọ́ọ̀mù lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá wo ẹni tí tiẹ̀ yí padà. Sódíọ̀mù, +1 níbí, +1 lọ́hùn-ún. Ọ́síjìn, -2 níbí, -2 lọ́hùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kúrò lára NaOH bọ́ sára NaClO àti omi. Háídírójìn, +1 àti +1. Kílórínì, 0 lápá òsì. Lápá ọ̀tún, ó wà ní ibi méjì: -1 nínú NaCl, +1 nínú NaClO. Ẹ rí i báyìí, nínú kílórínì méjì tó jọ so pọ̀, ọ̀kan pàdánù ẹlẹ́kítírọ́nì kan, ìkejì gba ẹlẹ́kítírọ́nì kan. Kílórínì ló ọ́ksídáìsì, kílórínì náà ló rídúùsì. Tí wọ́n bá bi yín nínú ìdánwò pé kí ni ọksidáísìn éjẹ́ǹtì ibẹ̀, ẹ kọ Cl2, kí ni rídúsìn éjẹ́ǹtì, ẹ tún kọ Cl2, kí ọkàn yín balẹ̀, ìdáhùn náà nìyẹn. Ẹni tó bá ń wá ohun méjì tó yàtọ̀ síra á kàn lọ mú NaOH tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti pàdánù máàkì síbẹ̀.

Mo dárúkọ éjẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí òdì-kejì ni wọ́n máa ń mú un. Ohun tó ọ́ksídáìsì ẹlòmíì ni ọksidáísìn éjẹ́ǹtì. Kó tó lè ṣe ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ gba ẹlẹ́kítírọ́nì lọ́wọ́ ẹni yẹn, ìyẹn ni pé òun fúnra ẹ̀ ló rídúùsì, nọ́ńbà tiẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Gbogbo kọ̀ḿpáùndì la sì máa ń pè ní éjẹ́ǹtì, a kì í pe átọ́ọ̀mù inú ẹ̀ nìkan. Torí náà tí wọ́n bá bi yín pé ẹ́límẹ́ǹtì wo ló rídúùsì, ẹ dárúkọ ẹ́límẹ́ǹtì, tí wọ́n bá ní éjẹ́ǹtì, ẹ kọ odindi fọ́múlà.

Ó wá kan apá tí mo fẹ́ káwọn òbí náà gbọ́ dáadáa. Ẹnì kan fẹ́ fọ ilé ìwẹ̀, ó da háípò sílẹ̀, ó rí i pé àbàwọ́n kò tètè lọ, ó wá da ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì lé e lórí. Púpọ̀ nínú ásíìdì yẹn, HCl ló wà nínú ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí:

```
NaClO + 2HCl → NaCl + H2O + Cl2
```

Ẹ kọ nọ́ńbà sí i. Kílórínì inú NaClO jẹ́ +1. Kílórínì inú HCl jẹ́ -1, méjì sì ni. Lápá ọ̀tún, kílórínì inú NaCl jẹ́ -1, kílórínì inú Cl2 jẹ́ 0, méjì sì ni. Èyí tó wà ní +1 bọ́ sí 0, ó lọ sílẹ̀, ó gba ẹlẹ́kítírọ́nì kan, ó rídúùsì. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní -1 gòkè sí 0, ó pàdánù ẹlẹ́kítírọ́nì kan, ó ọ́ksídáìsì. Èkejì nínú àwọn -1 kò kúrò lójú kan, ó lọ jókòó sínú NaCl ní -1 bó ṣe wà. Ẹ wò ó, òdì-kejì bí wọ́n ṣe ṣe háípò lèyí: níbẹ̀, 0 pín ara ẹ̀ sí +1 àti -1, níbí, +1 àti -1 pàdé, wọ́n sì di 0. Tẹ́ ẹ bá da ásíìdì sí háípò, gáàsì tí wọ́n fẹ́ sínú ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ lẹ ń lé jáde padà.

Gáàsì yẹn ò ṣeé bá ṣeré. Àwọ̀ ẹ̀ jẹ́ ewé díẹ̀ yẹ́lò díẹ̀, ó wúwo tó afẹ́fẹ́ lọ́nà méjì ààbọ̀, torí náà ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí, ibi táwọn ọmọdé máa ń wà. Òun ni ọmọ ogun Jámánì tú lé àwọn ọmọ ogun Faransé lórí ní ìlú Ypres ní Bẹ́líjíọ̀mù ní oṣù kẹrin ọdún 1915. Ẹ má da ásíìdì àti háípò pọ̀ nínú ilé o, ẹ má sì fi èyí ṣe ẹ̀kọ́ láàbù fáwọn ọmọ. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, tí òórùn ti ń ta yín nímú tí ojú ń ta yín, ẹ jáde síta síbi tí atẹ́gùn wà, ẹ ṣí fèrèsé tẹ́ ẹ bá lè ṣí i láì dúró níbẹ̀.

Nínú ríákṣọ̀n tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn, HCl kan ṣe rídúsìn éjẹ́ǹtì, HCl kejì kàn ṣe ásíìdì lásán. Irú ẹ̀ náà wà nínú ríákṣọ̀n tí Carl Wilhelm Scheele, ọmọ Súwídìn, fi rí gáàsì kílórínì ní 1774, níbi tó ti po òkúta tó ní MnO2 nínú pọ̀ mọ́ HCl:

```
MnO2 + 4HCl → MnCl2 + Cl2 + 2H2O
```

Mángànísì bẹ̀rẹ̀ ní +4, torí ọ́síjìn méjì gba -4. Ó parí sí +2 nínú MnCl2. Ó lọ sílẹ̀ méjì, ó rídúùsì. Kílórínì mẹ́rin wà lápá òsì, gbogbo wọn -1, ṣùgbọ́n méjì péré ló dé 0, méjì tó kù wà nínú MnCl2 ní -1. Ẹni tó bá kọ pé kílórínì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ọ́ksídáìsì máa rí i pé òkè ni mẹ́rin, ìsàlẹ̀ ni méjì, wọn ò bára mu. Mángànísì kan sọ̀ kalẹ̀ méjì, kílórínì méjì gòkè ọ̀kan ọ̀kan, méjì-méjì, ó pé. Àyẹ̀wò yẹn ni kẹ́ ẹ máa ṣe nígbà gbogbo: àpapọ̀ ìgòkè gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ ìsọ̀kalẹ̀ dọ́gba. Scheele fúnra ẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ́límẹ́ǹtì lòun rí, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ tiẹ̀ gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ọ́síjìn wà nínú ẹ̀, Humphry Davy ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1810 pé ẹ́límẹ́ǹtì ni, tó sì sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní.

Ká padà sórí ìgò. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé háípò tó bá ti pẹ́ nílé, pàápàá tí oòrùn ń pa, kì í ṣiṣẹ́ bíi tuntun mọ́. Ọ̀nà méjì ló ń gbà bàjẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀:

```
2NaClO → 2NaCl + O2
3NaClO → 2NaCl + NaClO3
```

Nínú ti àkọ́kọ́, kílórínì méjì sọ̀ kalẹ̀ láti +1 sí -1, méjì méjì, àpapọ̀ ẹ̀ mẹ́rin. Ta ló pàdánù? Ọ́síjìn. Ó wà ní -2, ó di O2 tó jẹ́ 0, ọ́síjìn méjì, àpapọ̀ mẹ́rin. Ọ́síjìn ló ọ́ksídáìsì níbẹ̀ o! Ẹni tó bá ṣì ń fi ọ́síjìn ṣe àmì ọksídéṣọ̀n á ní NaClO ti pàdánù ọ́síjìn, ó ti rídúùsì, ó parí, kò sì ní rí ẹni tó ọ́ksídáìsì. Ó máa ń wà níbẹ̀ ṣá, kò sí rídọ́ksì tó ní apá kan láìní ìkejì.

Nínú ti ìkejì, ọ́síjìn kò yí padà rárá, -2 ni níbi gbogbo. Kílórínì mẹ́ta wà ní +1. Méjì nínú wọn sọ̀ kalẹ̀ sí -1, ìyẹn jẹ́ mẹ́rin. Ọ̀kan gòkè láti +1 sí +5, ìyẹn náà jẹ́ mẹ́rin. Kílórínì tún ń ṣe méjèèjì bó ṣe ṣe nígbà tí wọ́n ń ṣe háípò, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ẹnì kan ló ń sanwó fún ẹni méjì. Ooru ló máa ń mú kí èyí yá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí sódíọ̀mù háídírọ́sáìdì tutù nígbà tí wọ́n bá ń ṣe háípò, torí tó bá gbóná, NaClO3 ni wọ́n máa rí dípò NaClO. Fún oòrùn, ti àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ máa ń mú yára, ìdí nìyẹn tí ìgò háípò kì í fi í ṣe èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé gbogbo ríákṣọ̀n tí kílórínì bá wà nínú ẹ̀ ni rídọ́ksì, ẹ wo NaOH + HCl → NaCl + H2O. Sódíọ̀mù +1 àti +1, kílórínì -1 àti -1, ọ́síjìn àti háídírójìn bó ṣe wà. Kò sẹ́ni tó yí padà, kì í ṣe rídọ́ksì. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí ẹ́límẹ́ǹtì tó dá wà bíi Cl2, O2, Zn ní apá kan ìkúéṣọ̀n, tí ẹ́límẹ́ǹtì yẹn wá wà nínú kọ̀ḿpáùndì ní apá kejì, rídọ́ksì ni láìsí àníàní, torí ó ti kúrò ní 0 tàbí ó ti padà sí 0.

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ bóyá háípò òun ṣì lágbára? Nínú láàbù, nọ́ńbà yìí kan náà la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ máa wọn háípò 10 cm3, ẹ fomi sí i títí tó fi pé 250 cm3. Ẹ mú 25 cm3 nínú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ da pọtásíọ̀mù áyódáìdì tó pọ̀ ju èyí tó nílò sí i, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá da ásíìdì fíńígà sí i. Ẹ má yí ètò yẹn po, torí ásíìdì tó bá ṣáájú lè bẹ̀rẹ̀ sí í lé kílórínì jáde bá a ṣe rí i lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ẹ̀ máa pọ́n bí omi tíì tó ki:

```
ClO⁻ + 2I⁻ + 2H⁺ → Cl⁻ + I2 + H2O
```

Kílórínì, +1 sí -1, ó gba méjì. Áyódínì méjì, -1 sí 0, wọ́n san méjì. Áyódínì tó jáde yìí lẹ máa wá fi sódíọ̀mù tàìósúlúféètì 0.1 mólù lítà kan lé padà láti inú búrẹ́ẹ̀tì:

```
I2 + 2S2O3²⁻ → 2I⁻ + S4O6²⁻
```

Tí pípọ́n yẹn bá ti di yẹ́lò fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ẹ kán omi sítáàṣì sí i, á dúdú bí aró, ẹ máa rọra kán tàìósúlúféètì lọ títí tí aró yẹn fi máa pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní 9.4 cm3 lẹ lò. Ìyẹn jẹ́ 0.00094 mólù tàìósúlúféètì. Méjì ń bá áyódínì kan lọ, áyódínì kan ń ti ọ̀dọ̀ NaClO kan wá, torí náà NaClO jẹ́ 0.00047 mólù nínú 25 cm3. Ìdá mẹ́wàá ni 25 jẹ́ nínú 250, nítorí náà 0.0047 mólù ló wà nínú 10 cm3 tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Mólù NaClO kan wúwo tó 74.5 gírámù, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 0.35 gírámù nínú 10 cm3, ìyẹn ni 3.5 gírámù nínú 100 cm3. Tí ara ìgò bá kọ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, òtítọ́ ló sọ. Tó bá jẹ́ 5 cm3 ni tàìósúlúféètì tẹ́ ẹ lò, háípò yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ dé ìdajì.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí, ọmọbìnrin kan láàárín àwọn SS3 nawọ́ sókè, ó ní, «Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti ń ṣe súlúfọ̀ inú S4O6 yẹn láti ìgbà tẹ́ ẹ ti kọ ọ́, 2.5 ló ń fún mi. Ṣé átọ́ọ̀mù lè pàdánù ẹlẹ́kítírọ́nì méjì àti ààbọ̀ ni?»

Ìbéèrè tó dáa ni, mo sì dá a lóhùn pé òǹkà ẹ̀ tọ́: ọ́síjìn mẹ́fà jẹ́ -12, iná orí áyọ́ọ̀nù jẹ́ -2, súlúfọ̀ mẹ́rin gbọ́dọ̀ jẹ́ +10, ká pín in sí mẹ́rin, 2.5. Ṣùgbọ́n nígbà tá a pín in sí mẹ́rin yẹn, a ti gbà pé súlúfọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí bákan náà, wọn ò sì rí bákan náà. Ẹ yà á: súlúfọ̀ mẹ́rin tò lórí ìlà, àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ọ́síjìn mẹ́ta mẹ́ta so mọ́, àwọn méjì tó wà láàárín kò mọ ọ́síjìn kankan, súlúfọ̀ nìkan ni wọ́n so mọ́. Ẹ rántí pé láàárín irú kan náà, ṣe la máa ń pín in dọ́gba. Àwọn ti àárín jẹ́ 0, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ jẹ́ +5 kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ +10, ó pé.

Ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ fún S2O3²⁻. Òǹkà lápapọ̀ fún wa ní +2 fún súlúfọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tá a bá yà á, tá a fi ìlà kan so súlúfọ̀ àti súlúfọ̀ pọ̀, èyí tó wà láàárín tó so mọ́ ọ́síjìn mẹ́ta jẹ́ +5, èyí tó wà ní ìkangun jẹ́ -1. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ríákṣọ̀n: +5 wà ní +5, kò yẹsẹ̀. Èyí tó wà ní -1 ló gòkè sí 0, méjì ni wọ́n torí tàìósúlúféètì méjì la lò, wọ́n san ẹlẹ́kítírọ́nì kọ̀ọ̀kan, áyódínì gba méjèèjì, súlúfọ̀ méjì tó sanwó yẹn wá di ara wọn mú, àwọn ni méjì tó wà láàárín S4O6²⁻. Tẹ́ ẹ bá sì lo 2 sí 2.5, ààbọ̀ lọ́nà mẹ́rin náà jẹ́ méjì, ẹ máa bálánsì ìkúéṣọ̀n yín láìsí wàhálà. Wáẹ̀kì máa gba 2.5. Kìkì pé 2.5 ò lè sọ súlúfọ̀ tó sanwó fún yín, àyàfi tẹ́ ẹ bá ya á.